Ibi Tí Ìlà Ewì Ti Ń Já

Ewì àtẹnudẹ́nu Yorùbá kì í gbára lé kí ìparí ìlà méjì dún bákan náà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá nínú ìjálá, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹsẹ Ifá tàbí oríkì. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ wọn mọ̀ pé ewì ni òun ń gbọ́. Èémí, ìdánudúró àti bí ohùn ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ló ń fi í hàn. Apohùn kì í sọ pé ìlà parí síbí. Ẹni tó ń kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ló ń fetí wá ibi tí èémí ti já, tó sì ń bọ́ sórí ìlà tuntun níbẹ̀, irú iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá nínú ìwé tó gbé jáde ní 1966. Iṣẹ́ akéwì tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ewì yí padà sí èyí: kò sí ohùn kankan nílẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ lé, ìlà tó gé ló máa sọ fún ẹnu òǹkàwé ibi tó ti máa dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan ṣoṣo, ká wo ohun tí gígé ń ṣe sí i:

Bàbá ta ilẹ̀ etídò fún àlejò kan, láti ọjọ́ náà sì ni ẹja ti ṣọ̀wọ́n nínú ọbẹ̀ ilé wa.

Bí a bá gé e síbi tí ẹnu yóò ti dúró fúnra rẹ̀, báyìí ló máa rí:

Bàbá ta ilẹ̀ etídò
fún àlejò kan.
Láti ọjọ́ náà
ni ẹja ti ṣọ̀wọ́n
nínú ọbẹ̀ ilé wa.

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbé èrò kan, ó sì rọrùn láti kà. Àmọ́ gígé náà kò fi nǹkan kan kún ohun tí gbólóhùn ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá wo èyí:

Bàbá ta
ilẹ̀ etídò.
Àlejò ló rà á.
Láti ọjọ́ náà
ẹja ṣọ̀wọ́n
nínú ọbẹ̀ ilé wa.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó parí ìlà kìíní ni kí ẹ tẹjú mọ́. Nínú èdè wa, “tà” ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn náà á gòkè sí àárín: “ta ilẹ̀”, “ta ilé”, “ta ẹrù”. Nítorí náà, nígbà tí òǹkàwé bá dé “Bàbá ta”, ohùn àárín yẹn nìkan ti sọ fún un pé nǹkan kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú ti dé òpin ìlà, etí sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Láàárín àkókò kúkúrú yẹn, òǹkàwé á máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Bàbá tà. Ìlà kejì ló dáhùn. Ewì tó fẹ́ kí títa ilẹ̀ náà dun òǹkàwé ti rí ohun tó ń wá, láìṣe pé ó lo ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kankan.

Ìlà kẹta ṣe òdìkejì rẹ̀. “Rà” náà jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kúkúrú ni àbọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà: “rà á”. Gbólóhùn náà pé, ìlà náà pé. Bàbá tà á pẹ̀lú ìlà tó dá sí méjì, àlejò rà á pẹ̀lú ìlà kan tó ṣe ṣáká. Irú ìyàtọ̀ yìí ló ń gba ipò ìró tó bára mu nínú ewì tí kò ní in.

Ohun kejì tí gígé yẹn ṣe wà nínú fáwẹ̀lì. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, a kì í pe “ta ilẹ̀” ní kíkún. “Talẹ̀” là ń sọ. Bí gbólóhùn bá wà lórí ìlà kan, ẹnu á pa fáwẹ̀lì kan jẹ: Bà-bá-ta-lẹ̀-e-tí-dò, sílébù méje. Bí ìlà bá já láàárín wọn, ìdánudúró kò ní jẹ́ kí fáwẹ̀lì méjèèjì pàdé, “ilẹ̀” á sì gba “i” rẹ̀ padà: sílébù mẹ́ta sókè, márùn-ún nísàlẹ̀, mẹ́jọ lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ ìlù inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Akéwì tó bá fẹ́ kí ewì rẹ̀ sáré lè fi àwọn fáwẹ̀lì tó ń jẹ ara wọn sórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dá dúró, kó hàn ketekete, á gbé e lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

Ohùn náà ń rọ̀ bí ìlà bá ṣe ń gùn. Nínú “Bàbá ta ilẹ̀ etídò fún àlejò kan”, ohùn òkè tó wà lórí “fún” kì í ga tó èyí tó wà lórí “-bá”, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà láàárín wọn ti fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnu bá dúró, ohùn á tún gòkè padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ewì onílà gígùn fi máa ń dún bí ẹni ń rojọ́ tó ti rẹ̀, tí ti onílà kúkúrú sì máa ń dún bí ìkéde. Akéwì tó mọ èyí kì í gé ìlà kúkúrú láti òkè délẹ̀, torí bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìkéde, kò sí èyí tí etí máa dì mú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni gígé sí ibi tí ẹnu Yorùbá kì í dúró sí rárá. “Mo”, “ó”, “kò”, “ń” àti “ti” máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá fi “ó” sílẹ̀ ní ìparí ìlà, tí “lọ” sì bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, òǹkàwé kò ní dúró. Ńṣe ló máa fò ó kọjá bí ẹni pé ìlà kò já. Ẹ lè dán an wò báyìí: ẹ ka ewì náà sókè fún ẹlòmíràn tí kò rí i, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ, kí ó sì bọ́ sórí ìlà tuntun níbikíbi tó bá ti gbọ́ ìdánudúró. Ibi tí tirẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí tiyín ni kí ẹ padà sí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín kò dúró níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kà á.

Ewì tí kò ní àmì ohùn ń pàdánù púpọ̀ níbi ìparí ìlà ju ibikíbi lọ. Láàárín gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó yí “ta” ká á jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́. Ní ìparí ìlà, ohun tó máa ṣàlàyé rẹ̀ kò tíì dé. Bí ewì kò bá ní àmì kankan, òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá “tà” tó parí ni àbí “ta” tó ṣì ń retí, ìfàsẹ́yìn kékeré tí akéwì fara balẹ̀ ṣe á sì di òfo.

Fóònù náà ń gé ìlà fúnra rẹ̀. Bí ìlà bá fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, á yí ìyókù sí ìsàlẹ̀, òǹkàwé á sì rò pé akéwì ló gé e síbẹ̀. Nínú ìwé títẹ̀, wọ́n máa ń ti ìyókù irú ìlà bẹ́ẹ̀ wọnú díẹ̀ kí ó lè hàn pé ìlà kan náà ni. Lórí fóònù, ohun tó dára jù ni kí akéwì ka ewì náà lójú fóònù kékeré kó tó fi síta, kí ó sì tún gígé gbogbo ìlà tó bá yí padà ṣe fúnra rẹ̀.