Àpọ́nlé ọjà àti irọ́ olùtà: ìgbà wo ni olùrà lè dá ọjà padà?

Mo gbọ́ pé ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí ẹni tó ta ilé dá owó padà nítorí kòkòrò. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò gan-an ló fà á. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, tọkọtaya kan ra ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Horbury Villa, ní Notting Hill, ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 32.5. Kí wọ́n tó rà á, agbẹjọ́rò wọn fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí olùtà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀: ǹjẹ́ ó mọ̀ bí kòkòrò tàbí ẹranko abanǹkanjẹ́ kan ti gba inú ilé náà rí? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti kọ ìwé àyẹ̀wò lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ àbùkù kan wà tí ojú kò lè rí? Ìdáhùn olùtà ni pé òun kò mọ ọ̀kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 2018, ó ti pe àwọn apakòkòrò wá sínú ilé náà, wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé.

Kò pẹ́ ọjọ́ tí àwọn olùrà kó wọlé tí kòkòrò ajẹṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú irun àgùntàn tí wọ́n tẹ́ sára ilé láti dènà òtútù. Ó ń bà lé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó sì ń kú sínú ife wáìnì. Olùtà jiyàn pé irú kòkòrò kékeré bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí ìbéèrè náà ń wí, ṣùgbọ́n Adájọ́ Fancourt kò bá a gbé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó fagi lé títà náà. Ó ní kí olùtà gba ilé rẹ̀, kí ó sì dá owó padà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà fún gbígbé tí àwọn olùrà ti gbé inú ilé náà. Ó tún ní kí ó san owó gbà-má-bínú tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin, tí owó orí tí ìjọba gbà lórí rírà ilé pọ̀ jù nínú rẹ̀. Pọ́n-ùn 15,000 jẹ́ ti aṣọ tí kòkòrò jẹ, èyí tó fi irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ hàn wá.

Ṣé ó wá di èèwọ̀ kí èèyàn pọ́n ọjà rẹ̀ lé ni?

Rárá. Ẹni tó ń kiri ọsàn tó ń ké "olóyin mọmọ" kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé oyin wà nínú ọsàn. Òfin mọ̀ pé ohùn ọjà ni, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò torí rẹ̀ náwó.

Ẹjọ́ tó fi ààlà náà hàn jù ni ti Dimmock àti Hallett, ní ọdún 1866 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àpọ́nlé àti irọ́ wà nínú ìwé ìpolówó kan ṣoṣo. Wọ́n ń ta ilẹ̀ oko ní gbàǹjo, ìwé náà sì sọ pé ilẹ̀ náà lọ́ràá, ó sì ṣeé túnṣe. Apá kan ilẹ̀ náà kò wúlò rárá, àmọ́ àwọn adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń lu gbàǹjo lásán nìyẹn. Ìwé kan náà sọ pé àwọn ayálégbé wà lórí oko náà tí wọ́n ń san owó báyìí-báyìí. Òótọ́ ni pé wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún onílẹ̀ ní ìwé pé àwọn ń kó lọ. Ìyẹn ni ilé-ẹjọ́ torí rẹ̀ tú olùrà sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú níbẹ̀ ni ìbéèrè yìí: ṣé èèyàn lè lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà kó sì rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀? "Mọ́tò yìí dára gan-an" kò ṣeé wádìí. "Kò tíì ní ìjàǹbá rí" ṣeé wádìí, bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, tí olùrà sì torí rẹ̀ rà á, olùtà ti ṣi í lọ́nà.

Bí olùtà bá kàn dákẹ́ ńkọ́?

Lápapọ̀, dídákẹ́ kì í ṣe irọ́, kò sì pọn dandan fún olùtà láti ka àbùkù ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò béèrè. Àbọ̀ òótọ́ ni òfin kórìíra, irú èyí tí wọ́n fi àwọn ayálégbé oko yẹn ṣe. Ìdí nìyí tí bíbéèrè fi ṣe pàtàkì: bí agbẹjọ́rò àwọn olùrà Horbury Villa kò bá béèrè ọ̀rọ̀ kòkòrò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa pa kòkòrò lónìí.

Ṣé olùrà tí kò yẹ ọjà wò dáadáa kọ́ ló jẹ̀bi?

Rárá. Láti ọdún 1881, nínú ẹjọ́ Redgrave àti Hurd, ni ilé-ẹjọ́ ti sọ pé ẹni tó parọ́ kò lè wí àwíjàre pé ẹni tí òun parọ́ fún ìbá ti wádìí.

Bí olùtà fúnra rẹ̀ kò bá mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa ńkọ́?

Olùrà ṣì lè fagi lé àdéhùn náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ yóò tún san owó gbà-má-bínú ní kíkún, nígbà tó jẹ́ pé bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀, òfin ọdún 1967 ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́ láyè láti sọ pé kí olùrà di ọjà rẹ̀ mú, kí ó sì gba owó dípò. Òfin yẹn kò dé Nàìjíríà. Ìlànà inú àwọn ẹjọ́ àtijọ́ wọ̀nyí ni àwọn ilé-ẹjọ́ wa ṣì ń lò, pẹ̀lú òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó ka irọ́ olùṣòwò nípa ọjà rẹ̀ léèwọ̀, tí àjọ FCCPC sì ń mójú tó.

Mo ti ra mọ́tò tí kò rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Ṣé mo lè máa lò ó ná kí n tó dá a padà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn láìmọ̀. Ní ọdún 1956, ọkùnrin kan ra ọkọ̀ akẹ́rù ní pọ́n-ùn 750, olùtà sì ti ní ipò ọkọ̀ náà dára lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé ẹrù, ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì níná kú, ọ̀kan nínú àwọn táyà ní rímù tó sán, epo sì ń tán bí omi. Ó pe olùtà. Olùtà ní òun yóò san ìdajì owó àtúnṣe ẹ̀rọ náà, ó sì gbà. Lọ́jọ́ kejì ó tún fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ìrìn-àjò mìíràn, ó sì bàjẹ́ lọ́nà. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, nínú ẹjọ́ Long àti Lloyd, sọ pé nígbà tí ó ti mọ àbùkù ọkọ̀ náà, tí ó gba owó àtúnṣe, tí ó sì tún gbé e jáde, ó ti fi hàn pé òun tẹ́wọ́ gbà á.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ti mọ òtítọ́ ni kí ẹ dá lílo ọkọ̀ náà dúró. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí lẹ́tà tó ní déètì sọ fún olùtà pé ẹ fagi lé àdéhùn náà, ẹ sọ ohun tí ó wí fún yín àti ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì ní kí ó wá gba ọkọ̀ rẹ̀, kí ó dá owó yín padà. Ẹ má ṣe ní kí mẹkáníìkì tún un ṣe ná, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn, nítorí ẹni tí kò lè dá ọjà padà kò lè gba owó ọjà padà. Ẹ tọ́jú ìpolówó tí ẹ rí àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín kí ó tó pa á rẹ́.

Bí olùtà bá ti pa fóònù ńkọ́?

Ẹ ṣì kọ̀wé sí i, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú ẹjọ́ Caldwell ní ọdún 1965, ẹni tí wọ́n fi jìbìtì ra mọ́tò Jagúà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí oníjìbìtì náà mọ́, àmọ́ ilé-ẹjọ́ gbà pé fífi tó ọlọ́pàá létí ti tó láti fagi lé títà náà. Rírí owó gbà lọ́wọ́ ẹni tó sá lọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, èyí tó yẹ kí ẹ bá agbẹjọ́rò sọ kí ẹ tó tún náwó lé e.