Owó ìwádìí, owó ìgbékalẹ̀: ọjọ́ wo gan-an ni ìnáwó ń di dúkìá?

Tó bá ti di oṣù kìíní, tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń ṣírò owó ọdún tó kọjá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá àwa akáńtáǹtì: "A ti ná owó rẹpẹtẹ sórí ọjà tuntun yìí, ọjà ọ̀hún ò sì tíì jáde, ṣé ẹ ò lè bá wa yọ ọ́ kúrò nínú ìnáwó kẹ́ ẹ kó o sí abẹ́ dúkìá ni?" Ó yé mi o. Tá a bá kọ ọ́ sí ìnáwó, èrè ọdún yẹn á jó rẹ̀yìn, bánkì tó fẹ́ yá wọn lówó á máa wò wọ́n tìfuratìfura. Tá a bá sì kó o sí dúkìá, èrè á dúró dáadáa, bálááǹsì ṣíìtì náà á wú. Owó kan náà ni o, ibi tá a kọ ọ́ sí ló yàtọ̀.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ni IAS 38, òun náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ṣíà ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀ lé láti 2012 tí wọ́n ti ń lo IFRS, ìyẹn àwọn ìlànà ìṣírò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń lò. Ohun tó sọ ò le, àmọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ ni pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ nìkan ni, wọ́n á ní "ìwádìí kọ́ lèyí, ìgbékalẹ̀ ni, ẹ kó o sí dúkìá." Rárá o. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rí pé pérépéré, owó tẹ́ ẹ bá ná kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìnáwó ni, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ pọ́ńbélé lẹ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kan, ká ní Ìbàdàn ni wọ́n wà, tó fẹ́ ṣe máṣíìnì tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá mọ gàrí ṣe mọ̀ pé bíbó yẹn ni wàhálà, torí ẹ̀gẹ́ kì í rí bákan náà, òmíì tẹ́ẹ́rẹ́, òmíì kí bọ̀ǹbọ̀, òmíì wọ́ bí ìwọ, máṣíìnì tó bá ń bó eléyìí dáadáa á máa gé ìdajì tọ̀hún dànù. Láti oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún 2024, àwọn ẹnjiníà wọn ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà bó o ni: wọ́n gbìyànjú irin tó ń yí, wọ́n gbìyànjú omi gbígbóná, wọ́n gbìyànjú búrọ́ọ̀ṣì onírin, wọ́n ń fi wọ́n wéra. ₦18 mílíọ̀nù ló bá a lọ. Ìwádìí lèyí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣì ń wá ọ̀nà, tẹ́ ẹ ń yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, kò tíì sí ohun kan pàtó tẹ́ ẹ lè nawọ́ sí pé òun ló máa mówó wọlé. IAS 38 ò jẹ́ kí kọ́bọ̀ kan nínú irú owó bẹ́ẹ̀ di dúkìá, kò sí àfi níbẹ̀.

Oṣù kẹfà, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ya àwòrán ẹ̀, wọ́n jó irin pọ̀, wọ́n ṣe máṣíìnì àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án wọ́n ti ná ₦12 mílíọ̀nù. Níbi tá a dé yìí ni ọ̀gá á ti sọ pé "ó ti kúrò ní ìwádìí báyìí," òótọ́ ló sì sọ, yíya àwòrán àti ṣíṣe àpẹẹrẹ kí wọ́n tó ṣe ti ọjà, iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ tá a bá kó ọgọ́rùn-ún kílò ẹ̀gẹ́ sínú máṣíìnì yẹn ní oṣù kẹjọ, ká ní kílò márùndínlọ́gbọ̀n nínú ẹran ẹ̀gẹ́ ló ń bá èèpo lọ. Ta ló máa rà á? Owó láti parí ẹ̀ náà ò sí nílẹ̀, bánkì ò tíì fèsì. ₦12 mílíọ̀nù náà, ìnáwó ni.

Ohun mẹ́fà ni IAS 38 ní kí ilé iṣẹ́ fi hàn kí owó ìgbékalẹ̀ tó lè di dúkìá, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì àkọ́kọ́ nínú èyí tí mo máa sọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀: pé ẹ fẹ́ parí ẹ̀, pé ẹ lè lò ó tàbí kẹ́ ẹ tà á. Ìwé ìpinnu bọ́ọ̀dù ti tó fún ìyẹn. Ìkẹta, pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, èsì tẹ́ẹ̀sì ló ń fìyẹn hàn, ẹnu ẹnjiníà nìkan ò tó.

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni mo máa ń rí i tí wọ́n ti máa ń dẹnu kọlẹ̀. Ẹ ní láti fi hàn bí nǹkan yìí ṣe máa mówó wọlé, ìyẹn ni pé ọjà wà fún un, àbí tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lò ó, iṣẹ́ tó máa ṣe fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní láti fi hàn pé owó, òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi parí ẹ̀ wà, wọn ò sì sọ pé kówó yẹn wà nínú àpò yín lónìí o, lẹ́tà láti bánkì pé àwọn fẹ́ yá yín tó, pẹ̀lú ètò ìnáwó tó fi hàn pé iye yẹn máa ká a. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ló ń kú síbí. Máṣíìnì dáa, ọjà wà, àmọ́ "a máa rówó" ni ìdáhùn wọn, ọ́dítọ̀ ò lè fi fáìlì ẹ̀ gba "a máa rówó."

Ìkẹfà jọ nǹkan kékeré, òun ló sì ń gbé owó tó pọ̀ jù ṣègbé: pé ẹ lè wọn iye tẹ́ ẹ ná sórí iṣẹ́ yẹn gan-an. Ká ní ẹnjiníà mẹ́ta ló ń ṣe máṣíìnì ẹ̀gẹ́, àwọn náà ló tún ń tún máṣíìnì kọ́sítọ́mà ṣe. Mélòó nínú owó oṣù wọn ló jẹ́ ti ẹ̀gẹ́? Tí kò bá sí ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí iṣẹ́ sí lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti jókòó lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tí wọ́n ń kọ wákàtí ọdún tó kọjá, gbogbo ẹ̀ wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, bíróò kan náà, ìkọ̀wé kan náà, wọ́n tiẹ̀ kọ ọjọ́ Iléyá mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti ṣe ọ́dítì rí, ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀.

Ó dáa, ẹ padà sí Ìbàdàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, èsì tẹ́ẹ̀sì tuntun wà nílẹ̀, kílò mẹ́jọ péré ló ń bá èèpo lọ nínú ọgọ́rùn-ún, bánkì ti kọ lẹ́tà, àwọn tó ń ṣe gàrí mélòó kan ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn máa rà á ní iye báyìí, ìwé wákàtí wà, bọ́ọ̀dù ti pinnu. Ó pé. Láti ọjọ́ yẹn sí ìparí ọdún wọ́n ná ₦14 mílíọ̀nù. Ṣé gbogbo ẹ̀ ló di dúkìá? Rárá, ₦1.5 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó máa lò ó, ₦1.2 mílíọ̀nù ni ti ìpolówó, ₦800,000 sì ni irin tí wọ́n gé bà jẹ́. Gbogbo ìyẹn, ìnáwó ni. Ó ku ₦10.5 mílíọ̀nù, irin tí wọ́n lò, owó oṣù ẹnjiníà tó wà nínú ìwé wákàtí, àti owó tí wọ́n fi forúkọ àwòrán náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Iye yẹn ló lọ sí abẹ́ dúkìá. Dúkìá náà kì í sì í ṣe irin tẹ́ ẹ ń wò yẹn o, àwòrán àti ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni.

Ọ̀gá á wá bínú. Nínú ₦44 mílíọ̀nù tó ná ní 2024, ₦33.5 mílíọ̀nù ló jẹ èrè ẹ̀. Á ní, "Ṣebí ó ti wá ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ lọ mú ₦30 mílíọ̀nù àtẹ̀yìnwá yẹn padà wá." Kò ṣeé ṣe. Owó tí a ti kọ sí ìnáwó nígbà tí ẹ̀rí ò tíì pé, kò gbọdọ̀ padà wá di dúkìá, ì báà jẹ́ pé máṣíìnì náà padà wá sọ wọ́n di olówó. Bó ṣe wà lápá kan náà ló wà lápá kejì: tí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti pé, ẹ ò láṣẹ láti sọ pé ẹ fẹ́ kọ ọ́ sí ìnáwó kí èrè lè kéré. Ó di dandan kẹ́ ẹ kó o sí dúkìá.

Ìdí tí òfin fi le tó báyìí ò jìnnà. Rolls-Royce tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ti kó owó ìgbékalẹ̀ sórí bálááǹsì ṣíìtì wọn, ẹ́ńjìnnì RB211 tí wọ́n ń ṣe fún Lockheed wá ń gbé owó mì kọjá iye tí wọ́n bá ara wọn dá, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 1971 ilé iṣẹ́ náà ti dojú dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á. Àwọn akáńtáǹtì ibẹ̀ gbé òfin tiwọn jáde ní 1977. Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn ní 1974, wọ́n ní ìnáwó ni gbogbo ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà wá fún sọ́fíwíà ní àyè tiẹ̀.

Dúkìá ọ̀hún ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu o. Ní ìparí 2024, máṣíìnì ò tíì jáde, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dán iye ẹ̀ wò lọ́dún yẹn, bí kò tilẹ̀ sí àmì kankan pé nǹkan ti bà jẹ́: owó tó máa wọlé lọ́jọ́ iwájú, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ èyí tó kù tẹ́ ẹ máa fi parí ẹ̀, ṣé ó tó ₦10.5 mílíọ̀nù? Tí kò bá tó, ẹ gé e wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ká ní ó tó. Wọ́n tún ná ₦9.5 mílíọ̀nù títí oṣù kẹfà 2025, ó di ₦20 mílíọ̀nù, ọjọ́ kìíní oṣù keje ó ti ṣe tán láti lò. Ọjọ́ yẹn ni dídín iye ẹ̀ kù ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tẹ́ ẹ bá ta àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá gbà pé ọdún márùn-ún ló máa wúlò, ₦4 mílíọ̀nù lọ́dún nìyẹn, ₦2 mílíọ̀nù fún ìdajì ọdún 2025.

Kẹ́ ẹ tó wá bá akáńtáǹtì yín jà lórí gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìwé òfin wo lẹ̀ ń lò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Nàìjíríà kì í ṣe IFRS ńlá ni wọ́n wà nínú ẹ̀, IFRS fún SME ni, ẹ̀dà 2015 tiẹ̀ sì gé ọ̀rọ̀ kúrú ní abala 18: owó ìwádìí, owó ìgbékalẹ̀, ìnáwó ni gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwé yẹn, máṣíìnì ẹ̀gẹ́ kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà bánkì àti èsì tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, gbogbo ₦53.5 mílíọ̀nù ló máa jẹ èrè, kò sí ₦20 mílíọ̀nù kankan tẹ́ ẹ máa kó síbì kan.