Áàpù lóònù tó ń wọ kọ́ńtáàtì: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe lè dá a mọ̀

Láyé àtijọ́, téèyàn bá jẹ gbèsè tí ò rí i san, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó pa sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa da ilé rú, títí tí ìtìjú á fi mú àwọn ẹbí dá owó náà jọ. Ohun táwọn áàpù lóònù kan ń ṣe lónìí náà nìyẹn, ibi tí ológò tiwọn ń jókòó sí ló yàtọ̀: inú kọ́ńtáàtì fóònù ẹni ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta àdìrẹ l'Óṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́lé, àlejò máa tó dé lóṣù kẹjọ, ó fẹ́ kó ọjà sí i, owó ò sì tó. Ó wá rí ìpolówó lórí fóònù pé 20,000 náírà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí pé ẹ mú oníduúró wá. Ó tẹ líǹkì, áàpù wọlé, kó tiẹ̀ tó kọ orúkọ ẹ̀ ni fóònù ti ń bi í ṣé kí áàpù yìí máa rí Contacts, ó tẹ Allow torí pé tí ò bá tẹ̀ ẹ́ áàpù ò ní lọ síwájú.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn yọjú wo kọ́ńtáàtì yẹn o. Áàpù lè da gbogbo nọ́ńbà àti orúkọ tó wà níbẹ̀ kọ, kó fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ìyẹn ò sì gba àkókò rárá. Tó bá pa áàpù náà rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n ti kó ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ orúkọ tí àwa fi ń tọ́jú nọ́ńbà sórí fóònù tún ń bá wọn ṣiṣẹ́: Mọ́mì mi, Ìyá Alájọ, Áfáà Òkè-Baálẹ̀, Lánlọ́ọ̀dù. Ẹni tí ò dé Òṣogbo rí á mọ ẹni tí ìyá yìí ń tijú lójú ẹ̀.

Owó wá wọlé, àmọ́ 13,000 ló rí. Wọ́n ti yọ 7,000 ṣáájú, wọ́n pè é ní owó iṣẹ́, 20,000 ló sì máa san lọ́jọ́ keje. 7,000 lórí 13,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ju ìdajì lọ, sọ́gúndogójì pọ́ńbélé ni. Tí ò bá rí i san, wọ́n á ní kó san 7,000 kí àwọn fi ọjọ́ méje kún un, 20,000 yẹn ò sì ní dín. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti san 14,000, ìyẹn ju owó tó wọ ọwọ́ ẹ̀ lọ, ó ṣì jẹ 20,000.

Lọ́jọ́ kẹfà ni ìpè á ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wá pé ọjọ́ keje, fọ́tò ẹ̀ á máa dé orí Wáàsáàpù àwọn èèyàn ẹ̀ pé olè ni, pé ó ti kó owó sá lọ. Wọn ò ní gbé e lọ sí kóòtù torí 13,000, owó lọ́yà á ju ìyẹn lọ. Ìtìjú ni ò ná wọn ní nǹkan kan.

Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Láti 31 oṣù karùn-ún 2023, òfin Google ni pé áàpù lóònù tó wà lórí Play Store ò gbọdọ̀ wo kọ́ńtáàtì tàbí fọ́tò ẹni. Lóònù tí wọ́n ní kéèyàn san tán láàárín 60 ọjọ́ tàbí kó dín náà ò láyè níbẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń kọ 91 ọjọ́ síta, tí ẹ bá wọlé tán ẹ máa bá ọjọ́ méje, àwọn míì ò sì tiẹ̀ gba Play Store kọjá rárá, líǹkì ni wọ́n fi ń pín áàpù wọn. Torí náà, tí fóònù bá béèrè Contacts, ẹ tẹ Don't allow kí ẹ wò ó. Áàpù tó bá kọ̀ láti lọ síwájú ti sọ ohun tó bá wá fún yín.

Ẹ tún wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà, kì í ṣe orúkọ áàpù nìkan torí ìyẹn kì í pẹ́ yí padà, kí ẹ wá a nínú àkójọ àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé sórí ìkànnì wọn. Oṣù kẹjọ 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ àwọn áàpù lóònù jáde. Pé orúkọ wà níbẹ̀ ò ní kí òṣìṣẹ́ wọn má bú èèyàn o, àmọ́ ẹ máa mọ ẹni tí ẹ máa fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Ẹni tó bá ti wà nínú ẹ̀, kó tètè sọ fáwọn èèyàn ẹ̀ kí áàpù tó sọ, ìtìjú tí wọ́n fẹ́ tà ò ní lágbára mọ́. Kó ya fọ́tò gbogbo ìhàlẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó fi ṣọwọ́ sí FCCPC. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀ o, ó máa san án, àmọ́ àkáǹtì tó wà nínú áàpù ni kó san án sí, kó má san án sí àkáǹtì ẹni tó ń pè é, torí wọ́n lè ní àwọn ò rí nǹkan kan.