Ìrànrán inú àwòrán ara: nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ya ohun tí ẹ̀rọ kò rí

Ká ní àwòrán ọpọlọ kan wà níwájú wa, tí ẹ̀rọ MRI yà. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ó rí i pé kóró kéékèèké ló tò jọ, àwọn tí à ń pè ní píksẹ́lì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan dúró fún mìlímítà 4 níbùú àti mìlímítà 4 lóòró nínú ọpọlọ aláìsàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Níbi tí ara ti dá ṣáṣá nínú àwòrán yìí, nọ́ńbà náà jẹ́ 100. Nínú píksẹ́lì kan báyìí, 120 la bá. Kí ló wà níbẹ̀?

Dókítà tó ń ka àwòrán náà ò lè sọ, nítorí ibẹ̀ ò hàn tó. Wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, kí mìlímítà 4 di mìlímítà 1. Píksẹ́lì kan á wá di 16. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan la ní lọ́wọ́, 16 la sì ń bèèrè. Kò sí ìgbà kankan tí ẹ̀rọ wọn 16 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó lè jẹ́ pé 120 ni gbogbo 16, ìyẹn ni pé ibẹ̀ wú díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé 12 nínú wọn jẹ́ 100, tí 4 tó wà láàárín jẹ́ 180. Ìyẹn á jẹ́ àmì ṣóńṣó kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 2, tó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kókó. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn 4 tó jẹ́ 180 tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà kan, kó jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ṣírò ó wò: 100 lọ́nà 12 jẹ́ 1,200, 180 lọ́nà 4 jẹ́ 720, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,920. Pín in sí 16, 120 ló máa jáde. Kókó ni o, iṣan ni o, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ máa kọ sílẹ̀ ò yàtọ̀. Ọ̀nà kẹrin tún wà: gbogbo ìwọ̀n tí ẹ̀rọ bá wọ̀n ló ní ségesège tirẹ̀ nínú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ariwo. Ara lè dá ṣáṣá níbẹ̀ ní 100, kó jẹ́ ariwo ló gbé e dé 120.

Àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń fẹ àwòrán kì í dá ẹjọ́ yìí. Wọ́n á wo àwọn píksẹ́lì tó wà ní àyíká, wọ́n á sì jẹ́ kí àwọ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Àwòrán á tóbi, á sì ṣe bàìbàì. Mo fẹ́ràn bàìbàì yẹn, nítorí òótọ́ ni: dókítà tó bá rí i mọ̀ pé ẹ̀rọ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Níúrà nẹ́tíwọ̀kì ní tirẹ̀ máa ń dá ẹjọ́ náà. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ lè tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, tí wọ́n ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí iṣẹ́ rẹ̀ á fi bá àpẹẹrẹ mu. Wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tó ṣe kedere jọ, wọ́n á fúnra wọn sọ wọ́n di bàìbàì, wọ́n á wá ní kí nẹ́tíwọ̀kì dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà. Bó bá ṣe é tì, wọ́n á tún àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe, wọ́n á sì ní kó tún un gbìyànjú. Nígbà tó bá yá, ó ti mọ ohun tó sábà máa ń wà níbi tí irú 120 bẹ́ẹ̀ bá ti yọjú láàárín irú àwọn píksẹ́lì báyìí. Ohun tó mọ̀ náà nìyẹn: ohun tó sábà máa ń wà. Nípa orí aláìsàn tó wà nílẹ̀ lónìí, kò mọ̀ ju 120 yẹn lọ.

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju kókó lọ nínú àwọn àwòrán tó fi kẹ́kọ̀ọ́, iṣan ni yóò yà. Yóò yà á kó mú, kó tọ́, kó so mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kókó mìlímítà 2 á wá di iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àbùkù kankan. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí kókó wà lórí wọn ni wọ́n ti kó àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́, ariwo lásán lè di kókó lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ìrànrán ni mo pe nǹkan yìí. Bí ibà bá gbé ènìyàn dè tó ń sọ ìrànrán, ọ̀rọ̀ gidi ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ lè já geere, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ṣẹlẹ̀. Bí ìrànrán nẹ́tíwọ̀kì ṣe rí gan-an nìyẹn. Kì í ya ohun tó ṣàjèjì. Iṣan tó dà bí iṣan ló máa ń yà, ibi tí iṣan lè gbà náà ló sì máa ń yà á sí, ìdí nìyẹn tí ojú tó mọṣẹ́ pàápàá fi lè gbà á gbọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún nẹ́tíwọ̀kì ní máàkì ló ń pinnu bí ìrànrán náà ṣe máa le tó. Bí wọ́n bá ń gé máàkì rẹ̀ nítorí bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe jìnnà sí ti òótọ́, yóò kọ́ bí a ṣe ń rìn láàárín. Nítorí kò dá a lójú bóyá kókó ni tàbí iṣan, yóò po méjèèjì pọ̀, àwòrán á sì ṣe bàìbàì. Àwọn oníṣẹ́ ò fẹ́ èyí, ni wọ́n bá fi nẹ́tíwọ̀kì kejì ṣe adájọ́. Iṣẹ́ ti èkejì ni láti mọ èyí tó jẹ́ àwòrán gidi àti èyí tí wọ́n ṣe. Èkíní ní láti tan adájọ́ yìí jẹ. Adájọ́ máa ń tètè dá bàìbàì mọ̀, nítorí náà èkíní ò lè rìn láàárín mọ́. Ó di dandan kó mú ọ̀kan, kó sì yà á gbọnyin gbọnyin. Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Yochai Blau àti Tomer Michaeli, fi ìṣirò hàn pé tí a bá dé ààlà kan, bí a bá ṣe ń mú kí àwòrán jọ ti gidi sí i ni yóò máa jìnnà sí ohun tó wà lóòótọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwòrán tó mú jù ló yẹ ká fura sí jù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Lọ́dún 2018 kan náà, àwọn olùwádìí kan kọ́ irú nẹ́tíwọ̀kì tó ní adájọ́ yìí pé kó máa sọ oríṣi àwòrán MRI ọpọlọ kan di oríṣi mìíràn. Kì í ṣe fífẹ àwòrán gan-an ni iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń méfò ò yàtọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń pinnu iye alárùn tó máa wà nínú àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó jẹ́ ọpọlọ tó dá ṣáṣá ni wọ́n fi hàn án gẹ́gẹ́ bí àfojúsùn, kókó tó wà lórí aláìsàn pòórá. Nígbà tó jẹ́ ti alárùn, kókó yọ lórí ẹni tí kò ní in. Ní 2020, nínú ìdíje fastMRI tí ilé ìwòsàn NYU Langone ní New York àti ilé iṣẹ́ Facebook jọ gbé kalẹ̀, wọ́n fi ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìwọ̀n tí ẹ̀rọ máa ń wọ̀n ṣe àwòrán ọpọlọ, nẹ́tíwọ̀kì sì méfò ìyókù. Àwọn dókítà tó yẹ àwọn iṣẹ́ náà wò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí kò sí nínú ọpọlọ aláìsàn nínú ọ̀kan lára wọn. Wọ́n fura pé irin tí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ló da ìwọ̀n rú, tí nẹ́tíwọ̀kì sì wá ìtumọ̀ tó mọ̀ fún ìdàrúdàpọ̀ yẹn.

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí máàkì kò fi sọ fún wa. Máàkì tó gbajúmọ̀ ni PSNR, bó bá ṣe ga tó ni àwòrán ṣe bá ti òótọ́ mu tó, ẹni tó bá sì rí 40 máa ń dunnú. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àwòrán tó ní píksẹ́lì 256 níbùú àti 256 lóòró ní 65,536 lápapọ̀, nọ́ńbà wọn sì ń lọ láti 0 dé 255. Ká ní nẹ́tíwọ̀kì gba gbogbo rẹ̀ láìṣe àṣìṣe rárá, àfi píksẹ́lì 9 tó jẹ́ kókó, tó pa rẹ́ pátápátá, tó sì fi 60 ṣi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti rí MSE, a ó fi àṣìṣe kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, a ó rò wọ́n pọ̀, a ó sì pín in sí iye píksẹ́lì:

```
MSE  = 9 × 60² / 65536 ≈ 0.49
PSNR = 10 × log10(255² / 0.49) ≈ 51
```

Nẹ́tíwọ̀kì gba 51, ohun tó gbé aláìsàn wá sí iwájú ẹ̀rọ sì ti lọ. Gbogbo àwòrán ni máàkì yìí ń wọ̀n pọ̀, kò mọ ibi tí àrùn wà.

Àyẹ̀wò kan wà tó dára, tí kò sì ṣòro: ẹ sún àwòrán tí nẹ́tíwọ̀kì fẹ̀ padà sí bó ṣe kéré tẹ́lẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹ̀rọ wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ tó ju ariwo lọ bá kù níbì kan, nẹ́tíwọ̀kì ti purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìṣirò wa ti òkè. Iṣan tí nẹ́tíwọ̀kì yà dípò kókó, bí a bá sún un padà, 120 náà ni. Àyẹ̀wò yìí á jẹ́ kó kọjá láìbèèrè. Irọ́ tó tako ìwọ̀n nìkan ló lè mú, irọ́ tó bá ìwọ̀n mu ló sì burú jù.

Nítorí náà, ohun tó kù ni láti wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Àwòrán MRI kì í dá nìkan wà, ègé-ègé ni wọ́n ń yà á. Iṣan ẹ̀jẹ̀ gidi kì í sábà parí sínú ègé kan, yóò jáde sínú ègé tó tẹ̀ lé e. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìrànrán rẹ̀ sábà máa ń yọ nínú ọ̀kan, kó sì já lójijì. Kókó mìlímítà 2 gidi náà lè wà nínú ègé kan ṣoṣo o, torí náà, fún ohun tó gùn bí iṣan ni ẹ̀rí yìí ṣe wúlò jù. Ẹ̀rí kejì ni kí wọ́n kọ́ nẹ́tíwọ̀kì mélòó kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n yà wéra. Níbi tí ọ̀kan bá ti ya iṣan tí èkejì ya kókó, ìwọ̀n ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sì fohùn ṣọ̀kan, ẹ má tíì sinmi, nítorí bó bá jẹ́ àwòrán kan náà ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ máa ṣe.

Ẹni tó ń ra irú ètò yìí fún ilé ìwòsàn lè bi àwọn tó ṣe é ní ìbéèrè kan: ẹ fi àmì mìlímítà 2 tí a mọ ibi tó wà sínú ọgọ́rùn-ún àwòrán, kí ẹ sọ iye tó ṣì hàn lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti ṣe tirẹ̀. Ìdáhùn yẹn wúlò ju PSNR lọ. Àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ yà gbọ́dọ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fẹ̀, kí dókítà má baà ka èyí tó mú nìkan.

Bó bá sì jẹ́ pé orí 120 kan yẹn ni ìtọ́jú máa dúró lé, kí wọ́n dá aláìsàn padà sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n ya ibẹ̀ nìkan ní mìlímítà 1. Yóò pẹ́ jù, nítorí píksẹ́lì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń gba ìdá kan nínú 16 àmì tí ti mìlímítà 4 ń gbà, ẹ̀rọ sì ní láti wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kí ariwo tó lè rọlẹ̀. Aláìsàn á sùn jẹ́ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú sí i kí nọ́ńbà 16 yẹn tó ti ara rẹ̀ wá.