Aṣọ tí wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi hun: kí ló yẹ kí ẹni tó ń tà á kọ sábẹ́ ẹ̀?

Wọ́n ń pariwo pé aṣọ mẹ́ṣìnnì ni àwọn kan ń tà lórí ayélujára bí aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Bí wọ́n bá kọ "ọwọ́ la fi hun ún", kí ni wọ́n sọ fún mi gan-an?

Pé èèyàn kan jókòó sídìí òfì, ó sì fi ọwọ́ àtẹsẹ̀ hun ún. Ó parí. Kò sọ ibi tí òwú ti wá, kò sọ ẹni tó pa á láró, kò sì sọ pé ó máa pẹ́ ju ti mẹ́ṣìnnì lọ.

Ṣé mo lè fojú mọ ìyàtọ̀?

Díẹ̀. Wo etí aṣọ níbi tí òwú ìbú parí sí. Tọ́wọ́ bá hun ún, òwú yẹn máa ń yí padà wọnú aṣọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ mẹ́ṣìnnì òde òní ṣe ló ń gé e, wàá rí ṣóńṣó òwú tó yọ jáde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mẹ́ṣìnnì àtijọ́ tó ń lo ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú lọ gbé e bọ̀ náà máa ń yí òwú padà, torí náà etí tó dáa kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Wúruwùru ara aṣọ náà ò tó ẹ̀rí, wọ́n lè fi òwú tó ní kókó há mẹ́ṣìnnì lẹ́nu.

Kí ló yẹ kí wọ́n kọ nípa ibi tó ti wá?

Kí wọ́n pín in: ibi tí wọ́n ti ran òwú, ibi tí wọ́n ti pa á láró, ibi tí wọ́n ti hun ún. Wo aṣọ irun àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Háríìsì Tuwíìdì ní Sikọ́tílándì. Òfin ọdún 1993 sọ pé àwọn ará erékùṣù Hẹ́bíráìdì ti Ìta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ hun ún nínú ilé wọn, àti pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pa irun àgùntàn náà láró kí wọ́n sì ran án, ṣùgbọ́n kò sọ pé àgùntàn yẹn gbọ́dọ̀ jẹko níbẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí oníkálùkù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tẹ́ni tó ń tajà bá ra òwú ní ọjà, kó kọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Wọ́n kọ mítà méjì, mo wọ̀n ọ́n, kò pé. Ṣé wọ́n jà mí lólè ni?

Ó lè má jẹ́ olè o. Nígbà tí aṣọ wà lórí òfì, wọ́n fà á le gan-an. Tí wọ́n bá ti gé e sílẹ̀, á rọ̀, á kúrú. Tó bá tún rí omi, á sún kì sí i, pàápàá òwú tí wọn ò tíì fọ̀ rí. Ká ní aṣọ òwú kan jẹ́ sẹ̀ntímítà 216 lórí òfì: tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ ó lè di 206, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kó di 196. Aṣọ kan náà, sáìsì mẹ́ta, olúkúlùkù á sì mú èyí tó wù ú kọ. Èyí tó wúlò fún ẹni tó ń rà á ni èyí tó kẹ́yìn.

Kí ahunṣọ tó mọ bó ṣe máa sún kì tó, kó hun aṣọ kékeré kan pẹ̀lú òwú kan náà, kó fi okùn àwọ̀ mìíràn sàmì sí sẹ̀ntímítà 10 nínú ẹ̀, kó fọ̀ ọ́ bí oníbàárà á ṣe fọ̀ ọ́, kó sá a, kó tún wọ̀n ọ́n. Tó bá di 9.5, á jẹ́ pé ó ń sún kì ní ìdá 5 nínú 100. Gígùn àti ìbú kì í sábà bára mu o, torí náà kó wọn méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè kọ ọ́ báyìí:

*Òwú ni gbogbo ẹ̀. Gígùn 196, ìbú 48 sẹ̀ntímítà, a ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ká tó wọ̀n ọ́n. Ó lè fi 2 lé tàbí dín. Wajawaja ẹnu ẹ̀ kò sí nínú gígùn yìí.*

Ó tó bẹ́ẹ̀. "Aláìlẹ́gbẹ́" àti "kò ní gbó láéláé" ò wúlò fún ẹni tó fẹ́ ránṣọ.

Àṣìṣe ara aṣọ ńkọ́? Wọ́n ní òun gan-an ló fi ẹwà ọwọ́ hàn.

Tí ìlà bá wọ́ díẹ̀, mo gbà. Tí òwú bá já tó dá ihò sílẹ̀, àléébù ni, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ kí wọ́n sì dínwó.

Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́ kó má bàjẹ́?

Fi aṣọ funfun tó tutù nu ibi tí kò hàn. Tí àwọ̀ bá mọ́ ọn, ó ń ṣí nìyẹn, dá a fọ̀. Omi tútù, má fún un, sá a sí ibòji. Irun àgùntàn lewu jù: omi gbígbóná àti fífi ọwọ́ gbo ó á mú kó di gbagidi, kò sì ní padà mọ́. Tó bá ní òwú dídán bíi góòlù, má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e.

Mo ti fẹ́ rà á, kí ni kí n bi wọ́n?

Béèrè bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí o sì ní kí wọ́n ya fọ́tò etí ẹ̀ tòun téèpù lórí. Tó bá dé, fọ̀ ọ́ kó o tó gé e.