"A ti yọ orúkọ kúrò": ìdí tí ìyẹn nìkan kò fi tó láti bo àṣírí

Bí ilé iṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba kan bá fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn jáde fún àwọn olùwádìí, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, a ti yọ orúkọ kúrò." Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, tí kò sí nọ́ńbà fóònù, tí kò sí àdírẹ́sì, ta ni yóò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà? Ìgbàgbọ́ òdì ni. Orúkọ kọ́ ló ń tú àṣírí èèyàn níbi tí mò ń wí yìí. Ọjọ́ ìbí, àgbègbè tí èèyàn ń gbé, àti pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ló ń tú u.

Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn kedere. Àjọ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà kó àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ náà àti ẹbí wọn jọ, ti bí èèyàn 135,000. Wọ́n yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò, wọ́n sì fún àwọn olùwádìí ní ìyókù. Nínú ìyókù yẹn ni àìsàn tí dókítà bá lára aláìsàn àti ìtọ́jú tó gbà wà. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà wà níbẹ̀ ní pípé, pẹ̀lú nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ tó jẹ́ díjíìtì márùn-ún, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, William Weld tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà ṣubú lulẹ̀ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kan, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Latanya Sweeney, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nígbà náà, mọ̀ pé ìlú Cambridge ni gómìnà ń gbé. Ó san ogún dọ́là fún ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú náà, tó jẹ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rà. Orúkọ àti àdírẹ́sì wà nínú ìwé yìí. Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́, àti ọkùnrin tàbí obìnrin náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀. Èyí tó ní àìsàn kò ní orúkọ, èyí tó ní orúkọ kò ní àìsàn, ṣùgbọ́n òpó mẹ́ta kan náà, ìyẹn ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́, àti ọkùnrin tàbí obìnrin, wà nínú àwọn méjèèjì. Nínú ìwé olùdìbò, èèyàn mẹ́fà péré ló bá gómìnà pín ọjọ́ ìbí kan náà, tí a bá ka òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. Mẹ́ta nínú wọn ni ọkùnrin. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, òun nìkan ló ń gbé ní àdúgbò tí nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìlà tó bá òpó mẹ́ta náà mu nínú ìwé ìtọ́jú sì di tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí dókítà kọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó já ilẹ̀kùn, kò sí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí.

Mi ò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan ìtàn náà pamọ́. Ní 2012, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Daniel Barth-Jones tọ́ka sí i pé ìwé olùdìbò kò ní orúkọ gbogbo ará Cambridge. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó bí 54,000, nígbà tí ìlú náà ní èèyàn tó sún mọ́ 100,000. Ẹni tó dá wà nínú ìwé olùdìbò lè ní ẹlòmíì tó jọ ọ́ láàárín àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀. Ìròyìn pé gómìnà wọ ọsibítù ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dájú. Àtakò tó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì kọ́ wa ní nǹkan kan: ẹni tó ń wá ọ kì í sábà dá lé ìwé kan ṣoṣo. Ohun tó kà nínú ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí a ń gbé fọ́tò ọjọ́ìbí sórí Fesibúùkù, tí a tún ń kọ "mo pé 50 lónìí" sábẹ́ rẹ̀, ti fún un ní òpó kan láìgba kọ́bọ̀.

Kí ló dé tí òpó mẹ́ta lásán fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò kékeré ni. Ká ní àdúgbò kan ní 25,000 èèyàn, tí ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín ọmọ tuntun sí ẹni 80 ọdún. Ọjọ́ 365 lọ́nà 80 jẹ́ 29,200. Fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, ó di 58,400. Ó túmọ̀ sí pé yàrá 58,400 ló wà fún èèyàn 25,000 láti pín sí. Yàrá ju èèyàn lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ó sì dájú pé ọ̀pọ̀ ni yóò dá yàrá gbé. Bí wọ́n bá pín bó ṣe bá wá, nǹkan bí 65 nínú 100 wọn ni kò ní ní alábàágbé kankan. Nígbà tí Sweeney fi èsì ìkànìyàn ọdún 1990 ṣírò gbogbo Amẹ́ríkà, ó ní ìdá 87 nínú 100 ló ṣeé ṣe kí òpó mẹ́ta yìí yà sọ́tọ̀. Olùwádìí mìíràn, Philippe Golle, tún un ṣírò ní 2006, ó rí ìdá 63. Èyí tó wù kí ẹ mú nínú méjèèjì, ó ju ìdajì lọ.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Bí a bá yọ ọjọ́ àti oṣù kúrò, tí a fi ọdún ìbí nìkan sílẹ̀, yàrá 58,400 á di 160 péré, èèyàn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa lọ sí bí 156. Òfin ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ọ̀nà yìí. Nínú ìlànà rẹ̀ fún yíyọ ìdánimọ̀ kúrò, ọdún nìkan ló gbọ́dọ̀ kù nínú ọjọ́ ìbí. Díjíìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló lè kù, ìyẹn náà bí èèyàn tó wà ní àgbègbè ọ̀hún bá ju 20,000 lọ. Gbogbo ẹni 90 ọdún sókè ni wọ́n ń kó sí ẹgbẹ́ kan, nítorí àwọn arúgbó kò pọ̀, wọ́n sì tètè ń hàn.

Ìlànà tí Sweeney àti olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Pierangela Samarati, gbé kalẹ̀ ní 1998 ni a lè pè ní ìfarapamọ́-k. Ohun tó béèrè kò le: ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tí a fẹ́ gbé jáde gbọ́dọ̀ bá ó kéré tán ìlà k − 1 mìíràn dọ́gba nínú gbogbo òpó tí ará ìta lè fi dá èèyàn mọ̀. Bí k bá jẹ́ 3, ẹni tó ń wá ọ yóò rí ó kéré tán ìlà mẹ́ta tó bá ọ mu, kò sì ní mọ èwo ni tìrẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé kékeré kan tí mo fọwọ́ ara mi hun dán an wò:

```
14/03/1962  02138  ọkùnrin  ìtọ̀ ṣúgà
02/11/1964  02139  ọkùnrin  ẹ̀jẹ̀ ríru
27/08/1967  02138  ọkùnrin  ọgbẹ́ inú
09/05/1971  02141  obìnrin  jẹjẹrẹ ọyàn
30/01/1973  02142  obìnrin  jẹjẹrẹ ọyàn
18/12/1978  02141  obìnrin  jẹjẹrẹ ọyàn
21/06/1911  02140  ọkùnrin  ẹ̀jẹ̀ ríru
```

Bó ṣe wà yìí, k rẹ̀ jẹ́ 1, torí kò sí ìlà méjì tó jọra. Iṣẹ́ méjì la máa ṣe sí i. Àkọ́kọ́ ni kí a fẹ àwọn òpó náà lójú: ọjọ́ ìbí á di ẹ̀wádún, a ó sì fi ìràwọ̀ bo díjíìtì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́. Ìkejì ni kí a yọ ìlà tí kò lẹ́gbẹ́ dànù. Bàbá tí wọ́n bí ní 1911 kò ní ẹgbẹ́ kankan níhìn-ín. Bí a bá ní ká fẹ òpó lójú títí yóò fi rí ẹgbẹ́, ìwé náà kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí ló kù:

```
1960-1969  0213*  ọkùnrin  ìtọ̀ ṣúgà
1960-1969  0213*  ọkùnrin  ẹ̀jẹ̀ ríru
1960-1969  0213*  ọkùnrin  ọgbẹ́ inú
1970-1979  0214*  obìnrin  jẹjẹrẹ ọyàn
1970-1979  0214*  obìnrin  jẹjẹrẹ ọyàn
1970-1979  0214*  obìnrin  jẹjẹrẹ ọyàn
```

K ti di 3. Bí ìwé yín bá pọ̀ ju èyí lọ, ẹ má fojú ka á. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà kó àwọn ìlà tó jọra pọ̀, kó sì ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan:

```sql
SELECT decade, zip4, gender, COUNT(*) AS n
FROM records
GROUP BY decade, zip4, gender
ORDER BY n;
```

N tó kéré jù, tó jáde lókè pátápátá, ni k yín. Bí ó bá jẹ́ 1, ẹnì kan wà ní gbangba, iye yòówù kí àwọn ìlà ìyókù jẹ́. Ibi tí àwọn èèyàn ti sábà ń ṣìṣe ni yíyan òpó. Wọ́n á ka ọjọ́ ìbí àti àgbègbè, wọ́n á gbàgbé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, tàbí ọjọ́ tó wọ ọsibítù. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé aládùúgbò òun wọ ọsibítù lọ́jọ́ báyìí ti ní òpó mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ padà wo àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn. Bí mo bá mọ̀ pé obìnrin kan tí wọ́n bí ní 1973 ní àgbègbè náà wà nínú ìwé yìí, mi ò mọ èwo nínú ìlà mẹ́ta ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo tún fẹ́ mọ̀? Àìsàn kan náà ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn. Ìfarapamọ́-k ń bo ìlà tó jẹ́ ti èèyàn, kò ṣèlérí pé yóò bo ohun tó wà nínú ìlà náà. Ohun tí àwọn olùwádìí fi dí ihò yìí ní 2006 ni òfin pé àìsàn inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin yege, ti àwọn obìnrin kùnà.

Ihò kejì ṣòro dí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọkùnrin kan lọ sí ọsibítù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbé ìwé tirẹ̀ jáde pẹ̀lú k tó jẹ́ 3. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọgbẹ́ inú. Nínú ìwé kejì, ó ní ọgbẹ́ inú, ibà àti àìsàn kíndìnrín. Ẹni tó mọ̀ pé tìtorí àìsàn kan náà ló fi lọ sí ọsibítù méjèèjì yóò gbé ìwé méjèèjì léra, yóò sì rí i pé ọgbẹ́ inú nìkan ló wà nínú méjèèjì. Kò sí ọsibítù tó rú òfin, kò sì sí èyí tó lè mọ ohun tí èkejì fẹ́ gbé jáde. Irú ìṣòro àkópọ̀ báyìí wà lára ohun tó mú kí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn fún ìkànìyàn ọdún 2020: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kéékèèké tí wọ́n ti díwọ̀n sínú iye tí wọ́n gbé jáde, kí ó má bàa ṣeé ṣe láti fi iye kan tú òmíràn.