Ọ́ọ̀dì Réṣíò 4.5 Kò Túmọ̀ Sí Pé Ìṣeéṣe Di Ìlọ́po Mẹ́rin Àbọ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Rìgírẹ́ṣọ̀n Lójísíìkì

Ìwádìí tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ṣé ó yege àbí kò yege, ṣé aláìsàn padà sílé ìwòsàn àbí kò padà, ṣé ẹni tó yáwó san án àbí kò san án. Rìgírẹ́ṣọ̀n lójísíìkì ni wọ́n sábà máa ń fi tú irú dátà bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni kíka nọ́ńbà tó bá gbé jáde, ìyẹn ọ́ọ̀dì réṣíò. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á bí ẹni pé ìṣeéṣe ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ìṣeéṣe kọ́.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló ṣe ìdánwò kan. 80 nínú wọn lọ sí kíláàsì àtúnyẹ̀wò kí ìdánwò tó dé, àwọn 120 yòókù kò lọ. Nínú àwọn 80 tó lọ, 60 yege, 20 kò yege. Nínú àwọn 120 tí kò lọ, 48 yege, 72 kò yege. Nọ́ńbà mẹ́rin yìí, 60, 20, 48 àti 72, ni tábìlì kékeré wa. Ìbéèrè ìwádìí náà kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni lílọ sí kíláàsì ṣe bá yíyege tan?

Ìṣeéṣe ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ mọ̀. A ó kó àwọn tó yege, a ó fi gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà pín wọn. Fún àwọn tó lọ sí kíláàsì, 60 nínú 80 jẹ́ 0.75, ìyẹn ìdá 75 nínú 100. Fún àwọn tí kò lọ, 48 nínú 120 jẹ́ 0.40, ìyẹn ìdá 40 nínú 100.

Ọ́ọ̀dì yàtọ̀ díẹ̀. Kì í fi gbogbo ẹgbẹ́ pín nǹkan. Àwọn tí kò yege nìkan ló fi ń pín àwọn tó yege. Fún àwọn tó lọ sí kíláàsì, 60 sí 20 jẹ́ 3: ẹni mẹ́ta yege fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kò yege. Fún àwọn tí kò lọ, 48 sí 72 jẹ́ 0.67: àwọn tó yege kò tó àwọn tí kò yege. Ọ́ọ̀dì 1 túmọ̀ sí pé apá méjèèjì dọ́gba, ìdajì yege, ìdajì kò yege.

Ọ́ọ̀dì réṣíò wá jẹ́ ọ́ọ̀dì ẹgbẹ́ kan tí a fi ọ́ọ̀dì ẹgbẹ́ kejì pín. Bí a bá pín 3 sí ọ̀nà 0.67, láìgé 0.67 yẹn kúrú, 4.5 la ó rí. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè pín nọ́ńbà mẹ́rin inú tábìlì kékeré yẹn lè fọwọ́ ṣírò rẹ̀ lórí bébà.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kò kúkú fi ìṣeéṣe ṣiṣẹ́? Ìdí ni pé ìṣeéṣe ní ààlà lókè àti nísàlẹ̀. Kò lè kéré sí 0, kò sì lè ju 1 lọ. Bí a bá fa ìlà gbọọrọ kan la dátà bẹ́ẹ̀ kọjá, ìlà náà yóò gba ibi kan kọjá ààlà, á wá máa sọ fún wa pé ìṣeéṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yege jẹ́ 1.2, ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Ọ́ọ̀dì ti bọ́ nínú ààlà òkè, nítorí ó lè tóbi débi tó bá wù ú. Bí a bá tún mú lọ́ọ̀gì ọ́ọ̀dì náà, ààlà ìsàlẹ̀ á lọ pẹ̀lú: ọ́ọ̀dì tó kéré sí 1 á di nọ́ńbà òdì, èyí tó ju 1 lọ á di nọ́ńbà rere. Orí lọ́ọ̀gì ọ́ọ̀dì yìí ni rìgírẹ́ṣọ̀n lójísíìkì ń fa ìlà rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni kóẹfíṣẹ́ǹtì, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìlà náà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ tó, ti ń wá. Nínú àpẹẹrẹ wa, kóẹfíṣẹ́ǹtì kíláàsì jẹ́ 1.504. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ohun tó yé ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ lọ́ọ̀gì náà kúrò pẹ̀lú `exp`: `exp(1.504)` jẹ́ 4.5, ọ́ọ̀dì réṣíò kan náà tí a fọwọ́ ṣírò.

Nínú R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tú dátà, ìlà méjì tó báyìí. `d` ni dátà náà. `yege` jẹ́ 1 fún ẹni tó yege, 0 fún ẹni tí kò yege. `klaasi` jẹ́ 1 fún ẹni tó lọ, 0 fún ẹni tí kò lọ.

```r
m <- glm(yege ~ klaasi, family = binomial, data = d)
round(exp(cbind(OR = coef(m), confint.default(m))), 2)
```

Ohun tí yóò jáde nìyí:

```
              OR 2.5 % 97.5 %
(Intercept) 0.67  0.46   0.96
klaasi      4.50  2.41   8.40
```

Ìlà àkọ́kọ́ máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n kọ `OR` sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n 0.67 yẹn kì í ṣe ọ́ọ̀dì réṣíò. Ọ́ọ̀dì àwọn tí kò lọ sí kíláàsì ni, ẹgbẹ́ tí a fi àwọn yòókù wé. Ìlà kejì ni réṣíò gan-an: bí a bá fi 4.5 lu 0.67, a ó padà bá 3, ọ́ọ̀dì àwọn tó lọ.

Ibi tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí dáadáa ló kàn yìí. Gbólóhùn tó sábà máa ń wà nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ni pé "ìṣeéṣe kí àwọn tó lọ sí kíláàsì yege jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ ti àwọn tí kò lọ." Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ìṣeéṣe àwọn tí kò lọ jẹ́ ìdá 40 nínú 100. Ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 180 nínú 100. Kò sí ẹgbẹ́ tí ènìyàn 180 ti lè yege nínú 100! Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni pé ìṣeéṣe kúrò ní 40, ó di 75, ìyẹn kò sì tó ìlọ́po méjì, 1.875 péré ni. Ọ́ọ̀dì ló di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀.

Bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó dúró lórí bí ohun tí à ń wò ṣe wọ́pọ̀ tó. Ká mú ọ́ọ̀dì réṣíò 4.5 kan náà lọ síbi tí ìṣeéṣe ẹgbẹ́ tí a fi àwọn yòókù wé ti jẹ́ ìdá 1 péré nínú 100. Ọ́ọ̀dì ibẹ̀ jẹ́ 1 sí 99. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 4.5, tí a sì yí i padà sí ìṣeéṣe, a ó rí nǹkan bí ìdá 4.3 nínú 100. Níbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé ìṣeéṣe di ìlọ́po mẹ́rin ó lé díẹ̀ kò ṣìnà púpọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn tó ṣọ̀wọ́n fi lè ka ọ́ọ̀dì réṣíò bí ẹni ń ka ìlọ́po ìṣeéṣe láìsí ewu ńlá. Ká wá gbé e lọ síbi tí ìdá 90 nínú 100 ti ń yege tẹ́lẹ̀: ọ́ọ̀dì ibẹ̀ jẹ́ 9, ìlọ́po 4.5 rẹ̀ jẹ́ 40.5, ìṣeéṣe á sì di nǹkan bí ìdá 98. Réṣíò kan náà ni, àmọ́ ìṣeéṣe kò sún ju bí 8 lọ. Nítorí náà, ọ́ọ̀dì réṣíò nìkan, tí a kò bá mọ ìṣeéṣe ẹgbẹ́ tí a fi àwọn yòókù wé, kò tíì sọ fún wa bí nǹkan ṣe yí padà tó. Láti yí ọ́ọ̀dì padà sí ìṣeéṣe, a ó fi 1 kún ọ́ọ̀dì náà, a ó sì fi àpapọ̀ rẹ̀ pín ọ́ọ̀dì: 3 pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 0.75.

Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé réṣíò nínú èsì wa, 2.41 àti 8.40, ni ibi tí dátà gbà pé réṣíò tòótọ́ lè wà. Àárín wọn fẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ 200 kò pọ̀. Ohun tí a ń wò níbẹ̀ ni bóyá 1 wà láàárín méjèèjì, torí réṣíò 1 túmọ̀ sí pé kíláàsì kò bá yíyege tan rárá. Níhìn-ín, 1 kò sí níbẹ̀. Àwọn kan máa ń wá 0, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú rìgírẹ́ṣọ̀n onílà gbọọrọ. 0 jẹ́ ti kóẹfíṣẹ́ǹtì. Tí a bá ti fi `exp` yí i padà, 1 ló gba ipò rẹ̀.

Tí ohun tí à ń fi wé bá jẹ́ nọ́ńbà tó ń gòkè, bíi wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kàwé lọ́sẹ̀, ọ́ọ̀dì réṣíò jẹ́ ti ìgbésẹ̀ kan péré. Ká ní ó jẹ́ 1.2 fún wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún kì í ṣe 0.2 lọ́nà márùn-ún lórí 1, ìyẹn 2. Ìlọ́po ni a ń lù mọ́ ìlọ́po: 1.2 × 1.2 × 1.2 × 1.2 × 1.2, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 2.49. Bí a bá kó wákàtí àti kíláàsì sínú ìṣirò kan náà, réṣíò kíláàsì lè lọ sílẹ̀ láti 4.5, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń lọ sí kíláàsì ti jẹ́ àwọn tó ń kàwé púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Réṣíò tuntun náà ń fi àwọn tí wákàtí wọn dọ́gba wé ara wọn. Ohun tí a kò bá wọ̀n, bí ìfẹ́ sí iṣẹ́ náà, kò sí ìṣirò tó lè yọ ọ́ kúrò, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè torí réṣíò nìkan sọ pé kíláàsì ló mú wọn yege.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ tí a sì lè tètè rí ni kí réṣíò dorí kodò. SPSS, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń kọ ọ́ọ̀dì réṣíò sábẹ́ `Exp(B)`, máa ń ka nọ́ńbà tó tóbi jù sí "bẹ́ẹ̀ ni." Ẹni tó bá kọ 1 fún yege, 2 fún kò yege, ọ́ọ̀dì àìyege ló máa rí gbà: 0.22 dípò 4.5, ìyẹn 1 tí a fi 4.5 pín. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí a kọ́kọ́ ya tábìlì nọ́ńbà mẹ́rin náà, kí a fọwọ́ ṣírò réṣíò, kí a tó ṣí kọ̀ǹpútà. Bí tábìlì bá sọ pé àwọn tó lọ ló ń yege jù, tí èsì sì kéré sí 1, ọ̀nà tí a gbà kọ dátà ló yẹ ká tún wò.

Tábìlì yẹn náà ló ń fi wàhálà kejì hàn. Bí ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́rin bá jẹ́ 0, bíi kí gbogbo ẹni tó lọ sí kíláàsì yege, ọ́ọ̀dì wọn kò ní òpin, kọ̀ǹpútà á sì máa lé nọ́ńbà tí kò ní ibùdó. R lè kọ `fitted probabilities numerically 0 or 1 occurred`, réṣíò á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù, nọ́ńbà méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì jìnnà síra wọn lọ́nà tí kò mọ́gbọ́n dání. Irú réṣíò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ sílẹ̀ bí èsì. Tábìlì fúnra rẹ̀ ni kí a gbé síbẹ̀, tàbí kí a lo ìṣirò tí David Firth, onímọ̀ ìṣirò dátà, dá sílẹ̀, èyí tó ń fa kóẹfíṣẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ padà sí ìwọ̀n.

Fún àpẹẹrẹ wa, gbólóhùn tó yẹ kó wọ inú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè lọ báyìí: "Ọ́ọ̀dì yíyege láàárín àwọn tó lọ sí kíláàsì àtúnyẹ̀wò jẹ́ ìlọ́po 4.5 ti àwọn tí kò lọ (2.41 sí 8.40), ìdá 75 nínú 100 àwọn tó lọ ló yege, ìdá 40 nínú 100 nínú àwọn tí kò lọ."